Kí lo fi ń pín in?

"Ẹ̀gbọ́n, okun o. Èmi ni mò ń mójú tó ọ́fíìsì ìrànwọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé gíga kan níbí ní Kàbà. Ọ̀gá wa ní kí n máa mú ìròyìn wá lóṣooṣù: nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣòro kọ̀ǹpútà táwọn èèyàn mú wá bá wa, tó wọlé, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún la yanjú láàárín àkókò tá a bá àwọn ẹ̀ka ṣe àdéhùn? Lóṣù tó kọjá mo kọ 87.5%. Bí mo ṣe kà á nípàdé báyìí ni àwọn olùkọ́ ní irọ́ ni, pé àwọn ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò purọ́, ohun tó jáde nínú kọ̀ǹpútà ni mo kọ. Níbo ni mo ti ṣì í? Mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí yín."

Àbúrò, okun o. Alẹ́ méjì ni mo fi jókòó ti fáìlì rẹ, mo sì kà á láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn. O ò purọ́, àwọn olùkọ́ náà ò sì purọ́. Nọ́ńbà tí o fi pín ló ní ìṣòro. Ó yọ àwọn tó ń jìyà jù lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí èsì tó jáde fi dára ju ohun tí ojú wọn ń rí lọ.

Jẹ́ ká tẹ̀ lé e bí o ṣe ṣe é. Tíkẹ́ẹ̀tì 60 ló wọlé lóṣù náà. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ẹ ti yanjú 48. Nínú 48 yẹn, 42 bọ́ sí àkókò àdéhùn, 6 sì pẹ́ kọjá rẹ̀. O wá fi 48 pín 42, o rí 87.5%. Kò sí àṣìṣe nínú pípín náà. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ 48 kúrò nínú 60, ó ku 12. Níbo ni 12 yẹn wà?

Wọ́n wà nílẹ̀, wọn ò tíì parí. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn oṣù, àkókò tiwọn ò tíì pé. Mẹ́sàn-án yòókù, àkókò wọn ti kọjá. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù: kọ̀ǹpútà olùkọ́ kan tí kì í tàn mọ́. Fojú inú wo bí olùkọ́ yẹn ṣe máa gbọ́ 87.5%. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti ní kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kò sí nínú ìròyìn rẹ rárá. Kò sí lára àwọn tí ẹ bá yanjú ọ̀rọ̀ wọn lásìkò, kò sì sí lára àwọn tó pẹ́. Ètò tíkẹ́ẹ̀tì yín kò lè ṣírò àkókò ìyanjú fún ohun tí kò tíì ní wákàtí ìparí, nítorí náà, bí ó bá ti dé ibi tí àyè náà ṣófo, ńṣe ló ń fò ó.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú irú ìṣirò yìí ni ohun tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ láti ṣe. Ká ní ìwọ àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ tiraka lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, tí ẹ yanjú gbogbo mẹ́sàn-án yẹn. Àwọn tí ẹ yanjú á di 57, àwọn tó bọ́ sí àkókò ṣì jẹ́ 42, nọ́ńbà rẹ á sì já láti 87.5% wá sí 73.7%. Ẹ ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́, ìròyìn wá bàjẹ́ sí i. Ẹni tó bá ti èyí tó le sí kọ̀rọ̀, tó ń fi àárọ̀ dalẹ́ tún páásíwọ̀dù ṣe fún àwọn èèyàn, òun ni ìròyìn tiẹ̀ máa dán. Láàárín àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí, bàrà olómi la máa ń pe irú ìròyìn bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ ń tutù bí ewé, àwọ̀ tá a fi ń sàmì sí ohun tó bá àdéhùn mu, gé e sí méjì, inú rẹ̀ pupa.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú nìyí: tíkẹ́ẹ̀tì tí àkókò àdéhùn rẹ̀ bá ti kọjá ti gba ìdájọ́ rẹ̀, ẹ yanjú rẹ̀ o, ẹ ò yanjú rẹ̀ o. Kò sídìí láti dúró dìgbà tí yóò parí kó o tó mọ̀ pé ó pẹ́. Àwọn tí o máa fi pín ni àwọn tó bọ́ sí àkókò, pẹ̀lú àwọn tí ẹ yanjú lẹ́yìn àkókò, pẹ̀lú àwọn tó ṣì wà nílẹ̀ tí àkókò wọn ti kọjá. Nínú tìrẹ, ìyẹn 42 àti 6 àti 9, àpapọ̀ 57. Mẹ́ta tí àkókò wọn ò tíì pé, fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, má kà wọ́n sí rere, má kà wọ́n sí búburú. Tí o bá ń kọ ìròyìn oṣù tó tẹ̀ lé e, padà sí ti oṣù yìí, kí o kọ nọ́ńbà rẹ̀ tuntun sísàlẹ̀, torí nígbà yẹn àwọn mẹ́ta náà á ti ní ìdájọ́.

Mo ti rí àwọn tó máa ń fi gbogbo 60 pín. Tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o máa rí 70%, o sì máa jẹ ara yín níyà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó wọlé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ta ló fẹ́ yanjú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́.

Bí a bá dúró síbi yìí, 73.7% ni. Ṣùgbọ́n mi ò dúró síbẹ̀, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá 42 tí o pè ní rere, rere ni wọ́n lóòótọ́. Ibi tí aago ti ń dúró ni mo lọ wò.

Mú tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì rẹ́jísítírà. Ó wọlé ní Ọjọ́bọ̀, aago 2:40 ọ̀sán. Ọ́fíìsì kan ni kò lè ṣiṣẹ́, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn yín, ó yẹ kó parí láàárín wákàtí iṣẹ́ 8. Wákàtí iṣẹ́ yín jẹ́ aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, Ajé sí Ẹtì. Ní Ẹtì, aago 9 àárọ̀, ọmọ abẹ́ rẹ kọ̀wé béèrè pé ẹ̀rọ wo nínú méjèèjì tó wà níbẹ̀ ni, ó sì yí ipò tíkẹ́ẹ̀tì sí `Pending`. Aago dúró. Ìyẹn dára, torí ìdáhùn oníbàárà ni ẹ ń retí lóòótọ́. Aago 9:40, ìdáhùn dé: "Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni." Kò sẹ́ni tó yí ipò rẹ̀ padà. Ó wà ní `Pending` gbogbo ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó wà níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí di Ajé aago 11 àárọ̀ kí ẹnì kan tó rántí. Wọ́n tún un ṣe tán ní aago 2 ọ̀sán Ajé.

Wo bí kọ̀ǹpútà ṣe kà á. Ọjọ́bọ̀, láti 2:40 sí 4:00, ìṣẹ́jú 80. Ẹtì, láti 8 sí 9, ìṣẹ́jú 60. Ajé, láti 11 sí 2, ìṣẹ́jú 180. Àpapọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 320, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20. Ó bọ́ sí àkókò, wọ́n kà á sí rere.

Wàyí o, kà á bí akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì yẹn ṣe máa kà á. Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 80. Ẹtì, odindi ọjọ́, ìṣẹ́jú 480. Ajé, láti 8 sí 2, ìṣẹ́jú 360. Àpapọ̀ 920. Yọ ìṣẹ́jú 40 tí ẹ fi retí ìdáhùn rẹ̀ lóòótọ́, ó ku 880, wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 40. Wákàtí 8 ni àdéhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni o, ẹ̀rọ kan náà, àwọn ọjọ́ kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó ya ìṣirò méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan ò tẹ bọ́tìnnì kan. Bó o ṣe máa mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ kò le: wá àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn inú wọn jẹ́ ti oníbàárà, àmọ́ tí ipò wọn ṣì jẹ́ `Pending`. Ọ̀rọ̀ ti padà sọ́dọ̀ yín nìyẹn, aago sì ń sùn. Nínú 42 rẹ, mo rí 4 tí aago wọn sùn báyìí, tí wọ́n ti kọjá àkókò ká ní ó jí. Èyí túmọ̀ sí pé 38 ló bọ́ sí àkókò lóòótọ́, kì í ṣe 42. Fi 57 pín 38, o rí 66.7%, ìdá méjì nínú mẹ́ta gééré. Nọ́ńbà tí àwọn olùkọ́ yẹn ń rí nìyẹn.

Tí ètò tíkẹ́ẹ̀tì yín bá láyè rẹ̀, sọ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kó ṣe é kí ipò `Pending` máa yí padà fúnra rẹ̀ bí ìdáhùn oníbàárà bá ti wọlé. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn ètò yìí lè ṣe é. Títí dìgbà náà, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹnì kan máa wo àwọn tó wà ní `Pending` kó tó ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé èyí ni ti iná àti ti ohun èlò. Bí wọ́n bá mú iná lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé aago kò yẹ kó dúró? Bí ẹ bá ti ra pááàtì ẹ̀rọ, tí mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ láti Ìlọrin ṣì wà lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, ṣé ẹ̀bi yín ni? Èrò tèmi, tí mo sì dúró lé, ni pé aago kò gbọ́dọ̀ dúró fún méjèèjì. Ìdáhùn oníbàárà nìkan ni kó máa dá a dúró, torí òun nìkan ni nǹkan tí oníbàárà fúnra rẹ̀ lè mú yá. Akọ̀wé tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ kò lè pe mọ́tò kó sáré, kò sì lè mú iná wá. Tí ẹ bá ń dá aago dúró fún iná ní ìlú tí iná máa ń lọ báyìí, ìdajì oṣù ni aago yín á fi sùn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tí àìsí iná ń jẹ lára iṣẹ́ yín. Jẹ́ kí aago máa lọ, kí o wá ní òpó kan tí o máa kọ ìdí sí: iná, ohun èlò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìta, àwa fúnra wa. Nínú àwọn 19 tó pẹ́ lóṣù yẹn, mo ka 7 tó jẹ́ pé pááàtì ni wọ́n ń dúró dè. Ọ̀gá rẹ lè fi ìyẹn ṣe nǹkan. Ó lè fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ máa tọ́jú àwọn pááàtì tó máa ń bàjẹ́ jù sí sítọ́ọ̀. Bí ẹ bá dá aago dúró, àwọn 7 yẹn á wọ̀ mọ́ àwọn rere, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé sítọ́ọ̀ ṣófo. Tí àwọn ẹ̀ka bá gbà níbi àdéhùn pé kẹ́ ẹ yọ ọjọ́ tí iná kò sí rárá, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, kẹ́ ẹ sì máa kọ nọ́ńbà méjèèjì, èyí tí ẹ yọ ọ́ àti èyí tí ẹ ò yọ ọ́.

Ní báyìí, bó o ṣe máa ṣe é nínú Excel tàbí Google Sheets. Wákàtí iṣẹ́ ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, torí bí o bá kàn fi ìbẹ̀rẹ̀ yọ kúrò nínú ìparí, òru àti Àbámẹ́ta àti Àìkú á wọlé. Láti Ọjọ́bọ̀ 2:40 sí Ajé 2:00 á di wákàtí 95 àti ìṣẹ́jú 20. Fi ìgbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín sí òpó A, ìgbà tí ẹ yanjú rẹ̀ sí B. Tí kò bá tíì parí, fi B sílẹ̀ lófìfo. Ní H1, kọ 8:00. Ní H2, kọ 16:00. Ní H3, kọ ọjọ́ àti aago tí o ń ṣe ìròyìn. Kọ àwọn ọjọ́ ìsinmi, bíi 1 October àti ọjọ́ Ọdún, sí J2 títí dé J20. Òpó C á wá mú ìparí tí a máa lò:

```
=IF(B2="",H$3,B2)
```

Òpó D ni àkókò tí ẹ fi retí oníbàárà, iye wákàtí iṣẹ́ nìkan, tí o máa fọwọ́ kọ. Òpó E ló ń ka wákàtí iṣẹ́ tó ti lọ:

```
=(NETWORKDAYS(A2,C2,J$2:J$20)-1)*(H$2-H$1)
+IF(NETWORKDAYS(C2,C2,J$2:J$20),MEDIAN(MOD(C2,1),H$2,H$1),H$2)
-MEDIAN(NETWORKDAYS(A2,A2,J$2:J$20)*MOD(A2,1),H$2,H$1)-D2
```

Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ìlà kìíní ń ka ọjọ́ iṣẹ́, ó ń sọ wọ́n di wákàtí. Ìlà kejì àti ìkẹta ń tún etí méjèèjì ṣe, kí ohun tó wọlé lóru tàbí lọ́jọ́ Àìkú máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn. Dán an wò pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn: tí D bá jẹ́ 0:40, E gbọ́dọ̀ fún ọ ní 14:40. Tí kò bá fún ọ, wo H1 àti H2 bóyá ọ̀rọ̀ lásán ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí dípò aago. Rí i dájú pé ìrísí òpó E jẹ́ `[h]:mm`. Bí o bá lo `h:mm` láìsí àkámọ́ yẹn, wákàtí 31 á máa fara hàn bíi 7:00, o sì máa rò pé nǹkan ń lọ dáadáa.

Òpó F ni àkókò àdéhùn ti tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, tí o máa kọ bí aago ní wákàtí iṣẹ́: 8:00 fún wákàtí 8, 24:00 fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Òpó G ni ìdájọ́: 1 fún èyí tó bọ́ sí àkókò, 0 fún èyí tó kọjá, òfìfo fún èyí tí àkókò rẹ̀ ò tíì pé.

```
=IF(E2>F2,0,IF(B2="","",1))
```

Wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀: ó kọ́kọ́ béèrè bóyá àkókò ti kọjá, kó tó béèrè bóyá ẹ ti yanjú rẹ̀. Ètò ìbéèrè yẹn gan-an ló ń mú àwọn mẹ́sàn-án tó wà nílẹ̀ wọ inú ìṣirò. Ìdá tí o ń wá kò wá ju èyí lọ mọ́:

```
=AVERAGE(G2:G61)
```

`AVERAGE` máa ń fo àyè tí kò ní nọ́ńbà, nítorí náà àwọn mẹ́ta tí kò tíì ní ìdájọ́ á bọ́ síta fúnra wọn.

Mo sọ pé òpó A jẹ́ ìgbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní Kàbà, mélòó nínú àwọn olùkọ́ yín ló ń ṣí kọ̀ǹpútà láti kọ tíkẹ́ẹ̀tì? Wọ́n á rí ọ lójú ọjà, wọ́n á ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ mi mà tún ti dákẹ́ o." O máa ní o ti gbọ́. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sán, ni o tó rántí kọ ọ́ sínú ètò, ètò náà á sì ka ìgbà tí o kọ ọ́ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ yẹn ti ń ka aago tirẹ̀ láti ọjà. Nínú fáìlì rẹ, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá tí wọ́n ṣí, tí wọ́n sì pa dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà tán kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Mi ò bá yín wí, iṣẹ́ ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́kànlá yẹn wà lára àwọn 38, mi ò sì lè mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Láti òní lọ, ní àyè kan nínú tíkẹ́ẹ̀tì fún ìgbà tí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ máa fọwọ́ kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwé kékeré nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tó.

Ti àkókò ìfèsì, èyí tí o kọ 100% sí, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo 60 ló ní ìfèsì láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí lẹ́tà tí ètò ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lo ń kà: "A ti gba ọ̀rọ̀ yín." Yọ ọ́. Ìfèsì ni ìgbà tí èèyàn kọ́kọ́ dáhùn, tí ó sì sọ nǹkan kan tó kan ọ̀rọ̀ náà: ó béèrè ohun tí kò yé e, tàbí ó sọ ẹni tó ń bọ̀ àti ìgbà tó ń bọ̀. Fọ́múlà òkè yẹn náà ló máa bá ọ ṣe é, fi ìgbà ìfèsì sí ipò ìgbà ìyanjú, fi àkókò àdéhùn ti ìfèsì sí F, kí o sì fi D sílẹ̀ lófìfo. Nínú èyí náà, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá lóhùn, tí àkókò ìfèsì rẹ̀ ti kọjá, 0 ni.

Má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ sípàdé mọ́. Pín in sí ìpele mẹ́ta tó wà nínú àdéhùn yín, torí 66.7% yẹn fi nǹkan pamọ́. Ohun tó dá gbogbo ilé-ìwé dúró, tí ó yẹ kẹ́ ẹ yanjú láàárín wákàtí 4: mẹ́rin ló wà, méjì bọ́ sí àkókò. Ohun tó dá ẹnì kan tàbí ọ́fíìsì kan dúró, wákàtí 8: mọ́kànlélógún, 11 bọ́ sí àkókò, 52.4%. Ìyókù, tí ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta fún: 32, tí 25 bọ́ sí àkókò, 78.1%. Páásíwọ̀dù àti ìforúkọsílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú 32 yìí, àwọn ló sì ń gbé nọ́ńbà àpapọ̀ sókè. Àwọn tó pariwo nípàdé, ìpele kejì ni wọ́n wà, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe é lásìkò fún ẹnì kan, ẹ máa já ẹlòmíràn kulẹ̀. Ti ìpele kìíní, má kọ 50%. Kọ "2 nínú 4". Nígbà tí iye bá kéré báyìí, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo á gbé nọ́ńbà láti 50 sí 75, ọ̀gá rẹ á sì rò pé ìyípadà ńlá ló dé.

Nǹkan kan wà tí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò lè sọ láé: bí ohun tó pẹ́ ṣe pẹ́ tó. Èyí tó kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti èyí tó kọjá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 0 kan náà ni wọ́n. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti wá di 0, kò sí ohun tó ń ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn láti sáré yanjú rẹ̀ mọ́, èyí tó ṣì lè di 1 ni ọwọ́ á máa lọ síbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà olùkọ́ yẹn ṣe pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá yẹn, kọ iye tó wà nílẹ̀ tí àkókò wọn ti kọjá, kí o sì kọ ọjọ́ iṣẹ́ tí èyí tó pẹ́ jù ti lò.

Mo ní láti kìlọ̀ nípa ọ̀kan tí èmi fúnra mi ti lọ́wọ́ sí. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, wọ́n so owó àjẹmọ́nú wa mọ́ nọ́ńbà yìí. Kò pé oṣù méjì tí gbogbo wa fi kọ́ bí a ṣe ń pa tíkẹ́ẹ̀tì dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àkókò tó pé. A ó kọ "A ti yanjú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbìyànjú," nígbà tá a mọ̀ pé a ò tíì yanjú rẹ̀. Oníbàárà á kọ̀wé padà pé kò ṣiṣẹ́, a ó ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, aago á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Obìnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo di tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí àkókò. Ó ṣì ń dùn mí. Bó o ṣe máa dènà rẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá padà wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lórí ohun kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tún ṣí, kí ìyanjú àkọ́kọ́ di òfo, kí aago sì máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ka iye tí ẹ tún ṣí lóṣooṣù. Bí ìdá tó bọ́ sí àkókò bá ń gòkè, tí iye tí ẹ tún ń ṣí náà sì ń gòkè, irú ohun tí àwa ṣe yẹn ló ń ṣẹlẹ̀.

Ìròyìn tí mo máa kọ ká ní èmi ni ìwọ rèé, má ṣe é gùn jù báyìí lọ: "Tíkẹ́ẹ̀tì 60 wọlé. Àkókò àdéhùn 57 ti pé; 38 bọ́ sí àkókò, 19 kò bọ́ sí i, 66.7%. Mẹ́sàn-án nínú 19 ṣì wà nílẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ti lo ọjọ́ iṣẹ́ 17. Pááàtì ni 7 nínú 19 ń dúró dè. A ti ṣe àtúnṣe sí ọ̀nà tí a fi ń ṣírò rẹ̀, 87.5% tí a kà tẹ́lẹ̀ kò ka àwọn tó ṣì wà nílẹ̀ mọ́ ọn." Lẹ́yìn náà ni ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò gbọ́dọ̀ sọnù. Bí nọ́ńbà bá já láti 87.5 sí 66.7 tí o ò sọ ìdí rẹ̀, ọ̀gá rẹ á rò pé iṣẹ́ ló bàjẹ́ láàárín oṣù kan. Tún ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣe pẹ̀lú ìṣirò tuntun yìí bí fáìlì wọn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, kó lè ní ohun tó máa fi wéra.

Kó o tó wọ ìpàdé yẹn, pe àwọn mẹ́sàn-án tó ṣì ń dúró, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tàn, kí o sì sọ ọjọ́ tí ohun èlò rẹ̀ máa dé fún un.